Ẹ má fọwọ́ tẹ àròpọ̀ sáàárín ìlà: bí ríipọ́ọ̀tù ìnáwó ṣe ń jáde nínú Excel

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé sọ nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ àríyànjiyàn ibẹ̀ kúrò.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé tí alága máa ń fẹ́ rí ní ìparí oṣù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àkọlé Epo á wà lókè, gbogbo ìnáwó epo á tò tẹ̀lé e, àròpọ̀ epo á wà nísàlẹ̀ wọn, ó di Ọdẹ, ó di Títì, títí dé àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé yẹn dáa, ó rọrùn láti kà, ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá á lóye ẹ̀. Ohun tí mo bá wá ni pé ọ̀pọ̀ akápò ló ń fọwọ́ tẹ ìwé yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n á tẹ àkọlé, wọ́n á tẹ ìnáwó sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ṣírò àròpọ̀ lórí fóònù wọn á wá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n á kun ún ní yẹ́lò. Mi ò gbà fún wọn, n ò sì ní gbà láéláé. Ríipọ́ọ̀tù lèyí tí à ń tẹ̀ jáde. Àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: ìnáwó kan, ìlà kan, kí orúkọ ìsọ̀rí wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí àkọlé láàárín, kò sí àròpọ̀ láàárín.

Ẹ jẹ́ ká fi ìnáwó oṣù kan ṣe àpẹẹrẹ. Báyìí ló ṣe wọlé, bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀ lé ọjọ́:

```
A     B      C                    D
Ọjọ́  Ìsọ̀rí  Ohun tí a ná an lé   Iye
3     Ọdẹ    owó ọdẹ àkọ́kọ́        40000
5     Epo    epo jẹnẹrétọ̀         30000
9     Títì   gíráváàlì            85000
12    Epo    epo jẹnẹrétọ̀         30000
17    Ọdẹ    bátìrì tọ́ọ̀ṣì         6500
20    Epo    epo jẹnẹrétọ̀         32000
24    Títì   owó lébìrà           18000
28    Ọdẹ    owó ọdẹ kejì         40000
```

Ìlà mẹ́jọ, ìsọ̀rí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá mú un báyìí tẹ́ ẹ lọ sí Data, tẹ́ ẹ tẹ Subtotal, tẹ́ ẹ ní kó ro iye pọ̀ níbi tí Ìsọ̀rí bá ti yí padà, àròpọ̀ mẹ́jọ ló máa fún yín dípò mẹ́ta. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá. Kọ̀ǹpútà ò wo gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà kó tó pín in sí ìsọ̀rí. Láti òkè ló ti ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, á rántí ìsọ̀rí ìlà tó kà kọjá, á fi wé ti ìlà tó wà níwájú ẹ̀, tí wọ́n bá jọra á ṣì máa ro owó lọ, tí wọn ò bá jọra á dúró, á kọ àròpọ̀ sílẹ̀, á padà sí òdo, á bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí tuntun. Ọdẹ, Epo, Títì, Epo, gbogbo ìlà ló ń yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè ẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan wá di ìsọ̀rí tiẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Excel o, ó ti pẹ́ gan-an. COBOL, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959, ní apá kan tó ń jẹ́ Report Writer, inú ẹ̀ lẹ á ti rí CONTROL HEADING fún àkọlé tó ń wá lókè ìsọ̀rí àti CONTROL FOOTING fún àròpọ̀ tó ń wá nísàlẹ̀ ẹ̀. Nígbà yẹn káàdì oníhò àti téèpù ni dátà wà lórí ẹ̀, kò sì rọrùn fún ẹ̀rọ láti padà sẹ́yìn lọ wá ìnáwó epo tó ti kọjá, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ tò ó. Ẹ fi Sort tò ó ní kọ́láàmù Ìsọ̀rí, kẹ́ ẹ fi Ọjọ́ ṣe ìkejì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Subtotal rárá.

Tẹ́ ẹ bá ti tò ó, Epo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bọ́ sí ìlà 2 dé 4, àròpọ̀ wọn á bọ́ sí ìlà 5, ₦92,000. Ọdẹ á gba ìlà 6 dé 8, àròpọ̀ ẹ̀ ní ìlà 9 á jẹ́ ₦86,500. Títì á gba ìlà 10 àti 11, àròpọ̀ ẹ̀ ní ìlà 12 á jẹ́ ₦103,000. Àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ á wà ní ìlà 13, ₦281,500. Ẹ wá tẹ sẹ́ẹ̀lì D5 àti D13 kẹ́ ẹ wo fọ́múlà tí Excel fúnra ẹ̀ kọ síbẹ̀:

```
=SUBTOTAL(9,D2:D4)
=SUBTOTAL(9,D2:D11)
```

Èyí ìkejì yìí ń ro láti D2 dé D11, àròpọ̀ Epo àti ti Ọdẹ sì wà láàárín ibẹ̀, síbẹ̀ kò rò wọ́n mọ́ ọn. Ohun tí SUBTOTAL fi ju SUM lọ nìyẹn, tó bá pàdé SUBTOTAL mìíràn lọ́nà á fò ó. 9 yẹn ló ń sọ fún un pé kó ro pọ̀, 1 á wá ìpíndọ́gba, 2 á ka iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá fọwọ́ tẹ =SUM(D2:D12) sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí kan náà, ₦563,000 ló máa rí, ìlọ́po méjì gééré, torí owó kọ̀ọ̀kan wọlé nígbà àkọ́kọ́ lórí ìlà ẹ̀, ó tún wọlé nínú àròpọ̀ ìsọ̀rí ẹ̀. Tí àpapọ̀ yín bá ti di ìlọ́po méjì ohun tí bánkì sọ, ẹ má tíì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wo fọ́múlà náà. Ó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ àròpọ̀ ìsọ̀rí kan péré ni wọ́n gbàgbé láti yọ, torí nígbà yẹn nọ́ńbà ọ̀hún á kàn ga díẹ̀, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àwọn kan á ní, “Èmi tẹ Subtotal, kò tàn.” Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ti sọ ìwé náà di Table. Subtotal kì í ṣiṣẹ́ nínú Table, ẹ lo Convert to Range lórí ẹ̀dà kan ná. Mo ní ẹ̀dà o! Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín wà ní ṣíìtì tiẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí ṣíìtì mìíràn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti to nǹkan, kẹ́ ẹ ti ro nǹkan, kẹ́ ẹ sì pa á rẹ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde tán. Oṣù tó ń bọ̀ ẹ tún ṣe òmíràn.

Nǹkan mìíràn tó ń dà wá láàmú ni kí àkọlé kan jáde lẹ́ẹ̀mejì, Epo níbí, Epo lọ́hùn-ún, àròpọ̀ méjì, ẹ sì ti tò ó. Ojú ò lè rí i. Ẹnì kan ti fi àlàfo kún Epo lẹ́yìn nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, lójú kọ̀ǹpútà wọ́n ti di ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ fi LEN ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú ẹ̀, Epo gbọ́dọ̀ jẹ́ 3, tó bá sọ pé 4 ẹ ti mú un, TRIM ló ń yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ Títì lónìí tó kọ Titi lọ́la láìfàmì sí i, ìsọ̀rí méjì ló dá sílẹ̀ yẹn. Ẹ fi Data Validation ṣe lísìtì sí kọ́láàmù Ìsọ̀rí, kí wọ́n máa yàn án, kí wọ́n yéé tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo bá a dé rèé tí mo fẹ́ bọ́ sórí PivotTable, irinṣẹ́ Excel mìíràn tó ń kó ìsọ̀rí jọ fúnra ẹ̀, ni ìyá kan láàárín àwọn akápò bá nawọ́. Wọ́n ní: “Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí dáa, àmọ́ ìwé tí akápò tó wà níbẹ̀ kí n tó dé gbé fún mi, bó ṣe wà nìyẹn, àkọlé, àròpọ̀, yẹ́lò, ọdún mélòó kan. Ṣé kí n máa tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ ni?”

Rárá o, Mà, ẹ ò ní tún un tẹ̀. Ìbéèrè yìí ló gba gbogbo àkókò tó kù lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ipò tí ọ̀pọ̀ wa wà nìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nínú irú ìwé yẹn, ọjọ́ ló sábà máa ń wà ní A, àlàyé ní B, owó ní C, àkọlé bí Epo sì máa ń dá wà ní A láìsí owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tá a máa fi dá a mọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sí D2 kẹ́ ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IF(AND(A2<>"",C2=""),A2,D1)
```

Ohun tó ń sọ ni pé, tí nǹkan bá wà ní A tí kò sì sí owó ní C, àkọlé nìyẹn, mú un, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mú ohun tó wà lókè ẹ. Báyìí ni Epo á ṣe máa ṣàn wálẹ̀ lórí gbogbo ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀ títí yóò fi kan Ọdẹ. Ìlà òfìfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín kò ní dí i lọ́wọ́, ìdí tí A2<>"" fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́pì kọ́láàmù D, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀ bíi Values, ẹ má fo èyí, torí tí fọ́múlà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pa ìlà rẹ́, #REF! ló máa kún ibẹ̀. Ẹ wá fi Filter ṣa gbogbo ìlà tí B ẹ̀ ṣófo jọ, kẹ́ ẹ pa wọ́n rẹ́. Àkọlé àti àròpọ̀ ló máa ń ṣófo ní B, ìnáwó gidi máa ń ní àlàyé.

Màmá náà tún dáhùn pé, “Tí wọn ò bá kọ àlàyé sí òmíràn ńkọ́?” Ìlà yẹn máa lọ mọ́ wọn, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ tó wà nínú ìwé àtijọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá SUM ìlà tó kù wò. Ti àpẹẹrẹ wa yìí gbọ́dọ̀ padà jẹ́ ₦281,500. Tó bá fi ₦6,500 dín, ẹ mọ̀ pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì ló bá ibi kan lọ. Tí kò bá sì bára mu bó ti wù kẹ́ ẹ wá a tó, ó lè jẹ́ àròpọ̀ tí akápò àtijọ́ fọwọ́ ṣírò ló ti ṣìnà láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ro ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fúnra yín kẹ́ ẹ fi wé tiẹ̀, ẹ máa rí èyí tó ṣìnà.

Alága ìjókòó ti ń nawọ́ sí aago, nítorí náà mo sáré sọ ti PivotTable. Subtotal kì í fi àkọlé sókè ìsọ̀rí, àròpọ̀ nìkan ló ń fi sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àkọlé lókè àti àròpọ̀ nísàlẹ̀ bíi ti ìwé alága, ẹ lo PivotTable, ẹ to Ìsọ̀rí, Ọjọ́ àti Ohun tí a ná an lé sí Rows, kẹ́ ẹ fi Iye sí Values, kẹ́ ẹ yan Show in Outline Form ní Report Layout, kẹ́ ẹ ní kí Subtotals wà ní Bottom of Group, kẹ́ ẹ sì pa ti Ọjọ́ bí ó bá ń yọjú. Kò sí pé ẹ ń tò ó tẹ́lẹ̀. Tí ìsọ̀rí bá gùn kọjá ojú ìwé kan, Repeat row labels on each printed page wà nínú PivotTable Options lábẹ́ Printing, òun ló máa tún àkọlé kọ sórí ojú ìwé kejì. Ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ tí PivotTable ń kà jẹ́ Table, kó lè máa rí ìlà tuntun. Tẹ́ ẹ bá sì fi ìnáwó tuntun kún un, kò ní hàn níbẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ Refresh, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé jáde fún ẹnikẹ́ni.