Ìdí Tí Owó Bọ́ǹdì Fi Ń Wálẹ̀ Bí Èlé Bá Gòkè

Ẹ kú ìjókòó o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ sókè láti orí ìdá 11.5 nínú 100. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti dé 27.5. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ra bọ́ǹdì ìjọba ṣáájú ìgbà náà ló rí i pé iye tí wọ́n lè tà á ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò kùnà láti san èlé wọn. Kí ló fà á?

Ìwé gbèsè ni bọ́ǹdì. Ìjọba yá owó lọ́wọ́ yín, ó kọ iye èlé tí yóò máa san sínú ìwé, ó sì kọ ọjọ́ tí yóò dá owó padà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ní yí padà mọ́, bí èlé ìta ì báà gòkè, ì báà sọ̀. Iye tí ẹlòmíì máa fi ra ìwé náà lọ́wọ́ yín nìkan ló lè yí.

Ká ní bọ́ǹdì mílíọ̀nù kan náírà wà lọ́wọ́ yín, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 10, ó sì ku ọdún kan kó pé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba wa ń san èlé, ṣùgbọ́n ká fi í sí ẹ̀ẹ̀kan kí ìṣirò lè rọrùn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa gba 1,100,000. Àfi bí bọ́ǹdì tuntun ṣe jáde pẹ̀lú èlé ìdá 20. Ta ló máa fi mílíọ̀nù kan ra tiyín, nígbà tí tuntun máa fún un ní èlé ìlọ́po méjì? Ohun tí oníbàárà máa bi ara rẹ̀ ni pé: èló lónìí ni yóò di 1,100,000 lọ́dún tó ń bọ̀, bí èlé bá jẹ́ ìdá 20? Ẹ fi 1.2 pín 1,100,000, ẹ máa rí 916,667. Iye tó máa san nìyẹn. Ẹ̀dínwó tó gbà ló dí àlàfo èlé kékeré náà. Bí èlé ìta bá sọ̀ sí ìdá 5 ńkọ́? Ẹ fi 1.05 pín in, á di 1,047,619: ẹ jèrè.

Bó bá ku ọdún mẹ́wàá kó pé, ọgbẹ́ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni 100,000 máa dín sí ohun tí tuntun ń san, nítorí náà owó rẹ̀ á já sí nǹkan bíi 581,000. Owó tó ṣì jìnnà kò níye tó owó ọwọ́, ìdí nìyẹn tí àdánù náà kò fi pé mílíọ̀nù.

Ẹni tó bá di ìwé rẹ̀ mú títí ọjọ́ pé á gba mílíọ̀nù rẹ̀ pé, bí èlé kékeré tó ń gbà tilẹ̀ ń dùn ún. Ẹni tí nǹkan bá fipá mú láti tà ni àdánù máa ń hàn sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, báńkì Silicon Valley ní Kalifóníà ta bọ́ǹdì bíi bílíọ̀nù 21 dọ́là, nítorí àwọn oníbàárà ń kó owó wọn jáde. Ó pàdánù bílíọ̀nù 1.8. Ọjọ́ kẹjọ oṣù náà ló kéde rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ìjọba ti tì í pa.