Ẹ Kọ́kọ́ Ta Kajú Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìyàrà wá, ẹ̀yin ará Mọ́pà, ẹ̀yin ọmọ Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin onílé wa ní Kábbà níbí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kajú ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ojú wa báyìí ni àwọn oníṣòwò ṣe ń kó kóró kajú wa lọ láìpa. Ó ń dùn wá pé ẹlòmíràn ló ń pa á, tó ń yan án, tó sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ fi máa ń sáré lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìpakajú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Ohun méjì ló wà nínú òwò yìí. Èkíní ni bóyá a lè pa kajú kó dára. Èkejì ni bóyá àwọn èèyàn á rà á ní iye tí èrè á fi kù fún wa. Èkejì yìí ló ń jẹ owó èèyàn gbé, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n a lè mọ̀ ọ́n láìpa kóró ẹyọ kan: ẹ lọ ra ọmọ kajú tí ẹlòmíràn ti pa, ẹ yan án, kí ẹ sì tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá yìí. Iye tẹ́ ẹ bá bá lọ́jà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní kílò kan ọmọ kajú jẹ́ 12,000 náírà, tẹ́ ẹ ra kílò 2. Ẹ fi 6,000 kún un fún ọ̀rá, iyọ̀, gáàsì àti owó ọkọ̀. Ó di 30,000. Tẹ́ ẹ bá ń wọn gíráàmù 50 sínú ọ̀rá kan, ọ̀rá 40 ló yẹ kó jáde, ṣùgbọ́n iná á gba omi díẹ̀ lára rẹ̀, díẹ̀ á sì jóná. Ká pè é ní 38. Ọ̀rá kan ti ná yín ní nǹkan bí 790. Tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù bá ń tà á ní 1,000, tó sì mú 150 tirẹ̀, 850 ló délé. Gbogbo èrè yín lórí ọ̀rá 38 kò pé 2,500.

Ẹ má fún ẹ̀gbọ́n àti àna yín rà. Wọ́n á rà á nítorí yín, wọ́n á ní ó dùn. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí kò mọ̀ yín, ní ibùdókọ̀ tàbí lójú ọ̀nà Ọbájànà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀: iye ọ̀rá tó gbọ́dọ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tẹ́ ẹ bá dúró títí ọjà fi bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye, ọkàn yín á máa yí i sílẹ̀. Ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Ẹni tó padà wá rà á ní iye kan náà ni mo máa ń kà.

Ká wá ní ó tà. Ó wá kan pípa fúnra ẹni. Kílò 4 sí 5 kóró ló ń mú kílò kan ọmọ jáde, nítorí náà kílò 10 kóró á fún yín ní nǹkan bí kílò 2. Tí kílò kóró bá jẹ́ 1,500, 15,000 nìyẹn dípò 24,000. 9,000 tó kù yìí ló gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́, owó igi àti àdánù ọmọ tó bá fọ́. Ẹ pa kílò 10 yẹn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ aago. Tó bá gba obìnrin méjì ní ọjọ́ méjì, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba 3,000 lójúmọ́, 12,000 ti lọ. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ti pa ṣe dáadáa jù yín lọ nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an lẹ máa mọ iye kílò tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa pa lóòjọ́ kó tó lè san owó ara rẹ̀.

Lórí pípa yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra. Oje inú èèpo kajú ń jó awọ ara. Ẹ fi ooru omi sè é, ẹ jẹ́ kó tutù kó sì gbẹ, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹ fi eérú pa ọwọ́. Ẹ má sun ún lórí iná níbi tí ọmọdé wà. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti ọ̀fun.

Àkókò náà lè tanni jẹ. Tẹ́ ẹ bá dán an wò nígbà Kérésì, tí àwọn ará Èkó àti Àbújá wà nílé, ó máa tán kíá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oníbàárà oṣù kẹfà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tẹ́ ẹ ra kóró ní oṣù kẹta kì í ṣe iye oṣù kẹwàá. Ohun kan sì wà tí ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fihàn: òróró inú kajú máa ń kan tó bá pẹ́. Ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta pamọ́ nínú 38 yẹn, kẹ́ ẹ tú ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ sì tọ́ ọ wò. Ọ̀sẹ̀ tó bá ti ń rùn bí òróró tó ti kan ni kẹ́ ẹ fi mọ bí ọjà yín ṣe gbọ́dọ̀ tètè tán tó nínú ṣọ́ọ̀bù.