Fídíò Tó Ń Yí Po Láìsí Oríkèé

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tí mo bá àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí fídíò sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo kàn yọ àwọn ibi tí mo ti ń wá okùn ẹ̀rọ kiri kúrò ni.

Fídíò tó ń yí po, tó bá parí tó tún ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, lójú síkírìnì ṣọ́ọ̀bù, tàbí lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ, kò sẹ́ni tó ń tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ bá fò lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ojú á yí síbẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ojú ènìyàn yára láti rí ohun tó bá mira lójijì. Ibi tí ìparí ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ ni àwòrán ti ń fò. Oríkèé ni mo ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò ife omi gbígbóná kan, tí èéfín ń rú lókè rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni gígùn rẹ̀, férémù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 300. Èéfín inú férémù 300 kò jọ ti férémù 1 rárá, nítorí náà yóò fò. Àwọn kan á ní ká dá a padà sẹ́yìn, kó máa lọ kó máa bọ̀. Ìyẹn dára fún ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì, ṣùgbọ́n èéfín tó bá ń wọ inú ife padà, ọmọdé gan-an á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo gé fídíò náà sí méjì láàárín, lẹ́yìn férémù 150, mo sì pààrọ̀ àyè wọn: ìdajì kejì á ṣáájú, ìdajì kìíní á tẹ̀ lé e. Fídíò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní férémù 151, ó sì parí sí 150. Nígbà tó bá ń yí padà, 150 ló ń fà 151 lọ́wọ́, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n gẹ́lẹ́. Kò sí oríkèé níbẹ̀ mọ́.

Oríkèé kò kú o, ó kàn ṣí lọ sáàárín ni, níbi tí 300 ti pàdé 1. Ibẹ̀ ni apá wa ti lè ká a. Mo fi férémù 50 ti ìdajì kan lé orí ti èkejì, kí ọ̀kan máa rẹ̀ lọ bí èkejì ṣe ń yọ. Ìṣẹ́jú àáyá 2 tó wọnú ara wọn yìí ni fídíò fi kúrú, ó wá ku 10.

Èéfín, omi àti ìkùukùu gba irú ìbòmọ́lẹ̀ yìí dáadáa. Ènìyàn tó ń rìn kò gbà á: á di ènìyàn méjì bí iwin. Èéfín náà sì ní àléébù tirẹ̀. Nígbà tí àwòrán méjì bá dàpọ̀, ó máa ń ṣá díẹ̀ láàárín. Tó bá hàn jù, mo máa ń dín férémù 50 yẹn kù sí 25.

Mo ti jìyà ọ̀kan rí. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tábìlì sì ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ kí fídíò tó parí. Oríkèé bò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í mí sókè sódò bí ẹni tó sùn. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ kámẹ́rà sójú kan kí n tó yà á, kámẹ́rà á sì wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa ń to ẹ̀dà márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn, kí n wá máa wo nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkírìnì. Bí ojú mi bá ṣì ń sá lọ síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Nígbà mìíràn, fídíò kò lẹ́bi, ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde ló lẹ́bi. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan tó ń ka fáìlì láti inú fíláàṣì máa ń ṣókùnkùn fírí kí wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè gé fídíò tí ìyẹn á fi lọ, àfi ká jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n. Àṣẹ yìí, tí a ń tẹ̀ fún ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, á so ẹ̀dà 360 pọ̀ di fáìlì kan:

```
ffmpeg -stream_loop 359 -i ife.mp4 -an -c copy wakati.mp4
```

359 la kọ, torí ti àkọ́kọ́ kò sí nínú iye ìgbà tí a tún un yí. `-an` yọ ohùn kúrò. Fáìlì náà á gùn tó wákàtí kan, òkùnkùn náà kò sì ní wá mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní wákàtí. Fáìlì á tóbi ní ìlọ́po 360, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó kù nínú fíláàṣì yín.