Òkúta Méjì Nínú Àpò Kan

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wá Obòkun, ẹ̀yin ará wa ní Iléṣà àti ní àwọn abúlé kòkó tó yí i ká. Òwe tí a mú wá láàárọ̀ yìí ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ ṣí Diutarónómì 25, ẹsẹ 13 sí 16.

Òfin ibẹ̀ ní ìwọ kò gbọdọ̀ ní ìwọ̀n méjì nínú àpò rẹ, ńlá kan, kékeré kan. Òkúta ni wọ́n fi ń wọn nǹkan láyé ìgbà náà. Oníjìbìtì á fi èyí tó tóbi rà, á fi kékeré tà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ: Ọlọ́run kò dúró dìgbà tí wọ́n bá fi òkúta náà rẹ́ ẹnì kan jẹ. Pé ó wà nínú àpò ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Òwe wa fún irọ́ ní ogún ọdún. Lójú Ọlọ́run, ọjọ́ tí òkúta kejì wọ àpò ni àṣírí ti tú.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ìdí kòkó. Ká ní àpò kan wọn kìló 64. Bí ìwọ̀n bá ń ka 9 níbi tó yẹ kó ti ka 10, 57.6 ló máa pè é. Kìló 6.4 ti lọ. Tó bá di àpò 10, odidi àpò kan ni àgbẹ̀ ti fi tọrẹ láìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó, ẹ yẹ ìwọ̀n yín wò lónìí. Kí ẹrù tó gun orí rẹ̀, orí òdo ló yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ẹ fi ife ìwọ̀n bu omi lítà 10 sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Kìló 10 ló gbọ́dọ̀ fi lé. Ẹ má kàn pọn kẹ́ẹ̀gì kún dẹ́nu o, torí ó sábà máa ń gbà ju iye tí wọ́n kọ sí i lára. Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n tó ṣì ni olówó rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, ìpẹtà náà a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀, tó ṣì ń lò ó, òkúta kejì wà lápò rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà ńkọ́? Kòkó tí kò gbẹ, tí a fi omi inú rẹ̀ gbowó, ìwọ̀n èké ni. Bí ẹ bá fún un mọ́wọ́ tí kò ró pàpàpà, ẹ dá a padà sóòrùn. Irọ́ tirẹ̀ kì í pẹ́: á bu nínú àpò, á sì kó bá kòkó rere tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, ìwọ tó ń rí inú àpò, fi ohun tí a tọ́jú sísàlẹ̀ hàn wá, kí o sì fún wa lágbára láti kó o dànù. Àmín.

Baba, ẹni tó ti jẹ èrè ìwọ̀n èké, fún un ní ọkàn Sákéù tó ṣèlérí láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àmín.

Àgbẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ jẹ, Olúwa, gbèjà rẹ̀, má jẹ́ kí òógùn rẹ̀ ṣòfò. Àmín.

Mú ọjọ́ wa pẹ́ lórí ilẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìlérí rẹ ní ẹsẹ 15, lórúkọ Jésù. Àmín.