Bí A Ṣe Ń Fi Ìwọ̀nba Ìlà Kọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Ka Ìkọ̀wé Ẹnì Kan

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ wa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan ẹni tí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́, tí ẹnì kan ṣoṣo fi ọwọ́ kọ, bóyá tí ó tó ojú-ìwé 300, tí kò sì sí àyè láti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún ìlà bíi 200 ṣe dáadáa, kí ó fi wọ́n kọ́ awòṣe, èyíinì ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń sọ àwòrán ìlà di lẹ́tà, kí awòṣe náà sì ka ìyókù fún un.

Ìlà 200 kò tó láti kọ́ awòṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí ìyẹn ń fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó mú awòṣe tí ó ti ka ìkọ̀wé ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, tí ó ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó nà gbọọrọ àti ohun tí ó ká roboto, a ó sì fi ìlà tiwa darí rẹ̀ sí ọwọ́ ẹnì kan yìí. Nítorí pé ìlà náà kò pọ̀, kò sí ìlà àṣìṣe tí yóò sọnù láàrin wọn. Mo gbà pé bí a ṣe yan ìlà náà àti bí a ṣe tún wọn ṣe ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ.

Kí á tó kọ́ awòṣe ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á ya ohun tí a ó fi dán an wò sọ́tọ̀. Ká ní ìlà 200 wa wá láti ojú-ìwé 10. Odidi ojú-ìwé 2 ni kí á yà sọ́tọ̀, kì í ṣe ìlà 40 tí a ṣà káàkiri, nítorí pé àwọn ìlà tí ó wà lójú-ìwé kan náà jọ ní gègé kan, tàdáwà kan àti ìmọ́lẹ̀ àwòrán kan, wọ́n sì máa ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Awòṣe tí a dán wò lórí aládùúgbò ohun tí ó ti kọ́ yóò dà bí ọlọ́gbọ́n ju bí ó ti rí lọ. Kí ojú-ìwé 10 náà sì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin ìwé náà, kí èyí tí ònkọ̀wé fi ìkánjú kọ sì wà níbẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ni yóò fún awòṣe ní wàhálà lẹ́yìn ọ̀la.

Ibi tí mo fẹ́ kí á dúró sí jù ni àtúnṣe fúnra rẹ̀. Awòṣe àtijọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ka ìlà náà, tí àwa yóò wá tún ohun tí ó kà ṣe, ewu ibẹ̀ sì ni pé ojú wa máa ń gba ohun tí ó bá ti jọ òótọ́. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí gègé kọ ni kí á tẹ̀. Bí ònkọ̀wé bá fo àmì ohùn, kí á fò ó. Bí ó bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, kí á fi í sílẹ̀ ní kúkúrú ní gbogbo ibi tí ó ti gé e. Bí a bá fi àmì sí orí lẹ́tà tí kò ní àmì nínú àwòrán, a ti kọ́ awòṣe pé kí ó máa rí ohun tí kò sí.

Nínú èdè Yorùbá, àṣìṣe yìí lè wáyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kọ̀ǹpútà máa ń gé ìlà kọ̀ọ̀kan kúrò lára ojú-ìwé kí ó tó kà á, àmì ohùn sì wà ní òkè pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni àmì abẹ́ ọ ati ẹ wà ní ìsàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ náà bá gba ibi tí kò yẹ, àwọn àmì yìí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ń tún ìlà ṣe ń wo odidi ojú-ìwé, nítorí náà ó rí àmì náà ó sì tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n awòṣe kò rí i. Ẹ máa ṣí àwòrán ìlà tí a gé náà wò fúnra yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohunkóhun ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹnì kan lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn a tẹ ẹ kí ó tó fi àmì sí orí rẹ̀. Ẹ́ ni àwọn méjèèjì máa fi hàn lójú wa, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ fún awòṣe, a sì ti pín ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tí a ní sí méjì. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan. Nínú Kraken, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi ń kọ́ irú awòṣe yìí, a lè pa á láṣẹ báyìí:

```
ketos train -f page -i ipile.mlmodel --resize union -u NFC eko/*.xml
```

Awòṣe àtijọ́ ni `ipile.mlmodel`, inú `eko` sì ni ìlà ẹ̀kọ́ wà. `--resize union` ń fi lẹ́tà tí awòṣe náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kún èyí tí ó mọ̀, `-u NFC` sì ni ó ń sọ ìtẹ̀wé di irú kan. Kraken yóò yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìlà ẹ̀kọ́ láti fi ṣọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń ṣà wọ́n káàkiri ojú-ìwé, nítorí náà ìyẹn kò lè rọ́pò ojú-ìwé 2 tí a yà sọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò àṣìṣe nìyí. Ká ní ìlà kan nínú ìdánwò ni «Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé», tí awòṣe sì kà á sí «Ọjọ kẹta ui wọ́n dé». Àmì ohùn kan sọnù, n kan sì di u, àṣìṣe méjì. Nínú NFC, ọ́ jẹ́ ohun méjì, ọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, é sì jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo, ìlà náà jẹ́ 20, àṣìṣe sì jẹ́ 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú NFD, tí ó ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀, ìlà yìí kan náà di 25, àṣìṣe méjì náà sì di 8 nínú 100. Awòṣe kò gbọ́n sí i. Ẹ má ṣe fi iye àṣìṣe awòṣe méjì wé ara wọn láìmọ̀ bí a ṣe kà wọ́n.

Iye nìkan kò sì tó; ẹ ka àṣìṣe náà fúnra wọn. Bí n bá ń di u léraléra, ẹ wá ìlà mìíràn tí àwọn méjèèjì pọ̀ sí, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi kún ẹ̀kọ́. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí awòṣe kọ ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà pátápátá tí kò sì sí lójú-ìwé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlà ẹ̀kọ́ bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ jù, bíi ìwé tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀: awòṣe á há ọ̀rọ̀ náà sórí, á sì máa kọ ọ́ síbi tí ìkọ̀wé kò bá hàn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí àṣìṣe lórí ìlà ẹ̀kọ́ bá ń dín kù nígbà tí ti ojú-ìwé ìdánwò dúró sójú kan tàbí tí ó ń pọ̀ sí i. Ẹ dín ìlà tí ó jọra kù kí ẹ sì padà sí awòṣe tí ó ṣe dáadáa jù lórí ìdánwò.

Lẹ́yìn èyí, a máa ń fi awòṣe tuntun ka ojú-ìwé 5 mìíràn, a ó tún wọn ṣe, a ó fi wọ́n kún ti àkọ́kọ́, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti `ipile.mlmodel`. Ìgbà tí àtúnṣe ojú-ìwé kan bá yá ju títẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ni iṣẹ́ náà ti ń sanwó. Síbẹ̀, orúkọ ènìyàn àti iye owó tàbí ọjọ́ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ojú ènìyàn kọjá lójú-ìwé gbogbo, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó yí wọn ká kò lè ran awòṣe lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá 1 tàbí 7 ni ònkọ̀wé kọ.