Ìwé tí wọ́n kàn mọ́ igi kajú: bí a ṣe ń ka abala 28 Òfin Lílo Ilẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 síwájú, kí ẹ ṣí i tààrà sí abala 28. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Agbára kan ṣoṣo là ń wá lónìí, èyí tí gómìnà fi lè fagi lé ẹ̀tọ́ yín lórí ilẹ̀.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Bàbá kan jogún oko kajú lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Kábbà lọ sí Mọ̀pà. Ìdílé rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀ kí òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978. Ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ oko náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá ìwé lára igi kajú: ìjọba ti fagi lé ẹ̀tọ́ rẹ. Òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ sí i. Kí ni ìdílé kọ́kọ́ ń jà lé lórí? Èló ni wọn yóò san!

Ẹ dúró. Ẹ DÚRÓ. Ẹ má tíì dárúkọ owó.

Ẹ ka ẹsẹ̀ kìíní abala 28. Ó ní ó bá òfin mu kí gómìnà fagi lé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ìlú tó borí ti ẹnì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìwé dé, tí wọ́n á mí kanlẹ̀, tí wọ́n á ní "gómìnà ló nilẹ̀, kí la fẹ́ ṣe?" Ìdajì gbólóhùn ni wọ́n kà. Ànfààní wo? Gómìnà kọ́ ló máa sọ bó ṣe wù ú. Òfin ti to ìdí náà kalẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì wà fún ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìwé ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta wà fún ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀. Bàbá wa kì í ṣe ará ìgboro, oko ló ní, abala 36 sì kà á sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta ni tirẹ̀. Ẹ fi ìka yín sí i.

Ìdí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, (a) dé (d). (a): ìjọba fẹ́ lo ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. (b): ìwakùsà tàbí páìpù epo. (c): wíwa ohun ìkọ́lé. (d): ẹni tó ni ẹ̀tọ́ tà á tàbí yá a fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ tó yẹ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí, torí ibí ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìdí tí ìwé náà bá dárúkọ ló ń pinnu owó. Ẹ sún síwájú sí abala 29: òfin yìí fún yín ní owó gbà-má-bínú bó bá jẹ́ (a) tàbí (c). Bó bá jẹ́ (b), òfin ìwakùsà tàbí ti epo ló máa sọ bí owó ṣe máa rí. (d) ńkọ́? Abala 29 kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n bá fagi lé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí (d) kò rí ibi tó máa dì mú nínú abala náà. Nítorí náà, bí ìwé kan bá wá tó ní "nítorí ànfààní ìlú" lásán, tí kò sọ ànfààní tó jẹ́, ẹ kọ̀wé padà kí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, Osho àti Foreign Finance Corporation, lọ́dún 1991. Kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn fún ti ara rẹ̀, kì í ṣe ànfààní ìlú tí abala 28 sọ. Ìfagilé náà kò dúró. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní títì ni, tí ẹ wá rí i pé ilé ìtajà ọlọ́jà kan ló hù síbẹ̀, ẹ rántí ẹjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣu ṣàpèjúwe é, torí mi ò rí òfin tó bá iṣu mu tó báyìí. Ọ̀pá kan ṣoṣo lè wà fún ebè mẹ́ta. Okùn iṣu tí ẹ rí lókè ọ̀pá lè má jẹ́ ti ebè tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ní láti tẹ̀ lé e wálẹ̀ kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀. Abala 28 ni ọ̀pá yẹn. Ìlànà tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ tán.

Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹfà: òṣìṣẹ́ ìjọba tí gómìnà fún láṣẹ fún èyí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìfagilé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ní ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ keje: ìgbà tí ó bá GBA ìwé náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó parí, tàbí ọjọ́ tí ìwé náà bá dá síwájú. Ìgbà tó gbà á! Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ ọ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fúnni? Okùn náà ti rìn jìnnà: abala 44. Kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ sí ilé tó ń gbé tàbí ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí gbẹ̀yìn. Tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nípa lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kíkàn án mọ́ ibi tó hàn gbangba kàn wà fún ìgbà tí wọ́n ti wádìí dáadáa tí wọn kò sì rí orúkọ tàbí àdírẹ́sì onílé. Kódà nígbà náà, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, òun ni kí wọ́n fún. Bàbá wa ń gbé nínú oko rẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ orúkọ rẹ̀. Kí ni ìwé ń ṣe lára igi kajú?

Ẹlòmíràn á ní ó ti jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Kò tó. Lọ́dún 2012, nínú ẹjọ́ Goldmark àti Ibafon, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé gásẹ́ẹ̀tì kò rọ́pò fífún onílẹ̀ ní ìwé rẹ̀.

Ó dáa, a lè wá sọ̀rọ̀ owó, kíákíá. Abala 29 ẹsẹ̀ kẹrin: fún ilẹ̀ lásán, iye owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n fagi lé e ni. Bàbá kò san kọ́bọ̀, ilẹ̀ òfìfo kò mú nǹkan wá. Ilé búlọ́ọ̀kù: iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n yọ gbígbó rẹ̀ kúrò, pẹ̀lú èlé báǹkì bí owó bá pẹ́. Àwọn igi kajú: iye tí òṣìṣẹ́ tó yẹ bá fi lé wọn. Torí náà ẹ ka igi, ẹ ya fọ́tò wọn, kí katapílà tó dé.

Ibi ẹjọ́ ló kù, ọ̀nà méjì ló sì wà tí kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé iye owó nìkan lẹ ń jà sí, abala 30 ní kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo àti pípín ilẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gómìnà ló ń yan wọ́n. Abala 47 ẹsẹ̀ kejì sì ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó náà tó. Àwọn agbẹjọ́rò ń bá a jà pẹ̀lú abala 44 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, èyí tó ní kóòtù lè gbọ́ ọ̀rọ̀ iye owó. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìfagilé fúnra rẹ̀ lẹ ń takò, pé ìdí rẹ̀ kò sí lára àwọn mẹ́rin yẹn, pé ẹni tó fọwọ́ sí i kò láṣẹ, pé ẹ ò gba ìwé rárá, abala 47 ẹsẹ̀ kejì kò dí ẹnu yín níbẹ̀. Kóòtù Gíga ni ẹ ń lọ.

Bí bàbá wa bá kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé owó kéré, láìsọ nǹkan kan nípa ìwé orí igi, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ti gbà pé ìfagilé náà dára. Kí agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò gba ìwé bí abala 44 Òfin Lílo Ilẹ̀ ṣe wí, kí ó tó kọ gbólóhùn kankan nípa náírà.