Yàrá tó ṣófo nílé yín, owó mélòó ló wà nínú ẹ̀ gan-an?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ níbi ìpàdé kan ni mo tẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá. Yàrá kan tẹ́ ẹ fẹ́ máa gba ẹrù ọlọ́jà sí, tí wọ́n á máa sanwó oṣooṣù, ìyẹn nìkan la máa sọ.

Kẹ́ ẹ tó wá oníbàárà rárá, ẹ yẹ ilẹ̀ ẹ̀ wò ná. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù bíi fíìtì kan ààbọ̀ níbùú lóròó, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì yíká kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí abẹ́ ẹ̀ bá làágùn, tàbí tí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, omi ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ nìyẹn, ẹrù ò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ yẹn láìsí pákó lábẹ́ ẹ̀. Èmi ò yẹ tèmi wò nígbà àkọ́kọ́, páálí ìwé oníwèé bu sí mi lọ́wọ́, mo sì san án.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyí o. Ẹ jẹ́ ká ní yàrá yín jẹ́ fíìtì 12 sí 10, ẹ̀ ń wò ó pé 120 lẹ ní. Rárá. Nínú fíìtì 10 tó jẹ́ ìbú ẹ̀, ẹ yọ fíìtì 3 láàárín fún ọ̀nà tí èèyàn á máa gbà kọjá, ẹ yọ ààbọ̀ fíìtì lára ògiri ọ̀tún àti tòsì kí afẹ́fẹ́ lè rìn lẹ́yìn ẹrù, ó ku fíìtì 3 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí ojú 3 níhìn-ín, 3 lọ́hùn-ún, ojú kọ̀ọ̀kan fíìtì 3 sí 3, kí iwájú ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn ṣófo. Ojú 6 péré, 54 nínú 120, kò tó ìdajì! Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà lórí yàrá yẹn lóṣù, ẹ má pín in sí 6 o, ẹ pín in sí 4, ohun tó bá jáde lẹ máa gbà lórí ojú kọ̀ọ̀kan, torí méjì lè wà láìsí ẹrù fún ìgbà pípẹ́.

Màmá kan bi mí pé, "Tẹ́nì kan bá ní àpò òun ò pé ńkọ́?" Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ kà á lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé "àpò 20, a ò tú u wò", kẹ́ ẹ jọ sáìnì. Tó bá fẹ́ kó díẹ̀, ẹ tún kọ ọ́. Bẹ́ńtírò àti gáàsì, ẹ má gbà á rárá, iye yòówù kó fẹ́ san. Kẹ́ ẹ sì kọ iye oṣù tẹ́nì kan ò ní fi sanwó kẹ́ ẹ tó lè kó ẹrù ẹ̀ jáde, ẹ kọ ọ́ kó tó já ẹrù ẹ̀ kalẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn kò ní gbà mọ́.